Ojú kan bọ́, ó tú dé ìlà 8 nísàlẹ̀: má tú súwẹ́tà ọmọ yẹn o

*Ẹ káàsán mà. Súwẹ́tà ọmọ tuntun ni mò ń hun fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìkómọ ku ọjọ́ mẹ́fà. Ojú 64 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo kà á lálẹ́ àná ó di 63. Ojú kan ti bọ́ lórí píìnì nínú danfó láti Yábà lọ sí Ìkẹjà, mi ò mọ̀, mo délé mo tún hun ìlà 2 lé e. Ó ti tú sílẹ̀ gbọọrọ bí àkàsọ̀, mo ka igi àkàsọ̀ yẹn ó jẹ́ 8. Ẹnì kan ní kí n tú gbogbo ẹ̀, ẹlòmíì ní kí n fi píìnì kíróṣé fà á. Ṣé ó ṣeé fà lóòótọ́, báwo ni mo ṣe máa ṣe é?*

Àbúrò mi, ó ṣeé fà. Má tú nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kó o tó wá píìnì kíróṣé rárá, wá séfútí-píìnì kan, èyí tí wọ́n fi ń de nápí ọmọ, kó o kì í bọ inú ojú tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yẹn, kó o pa ẹnu rẹ̀ dé. Wúùlù akirílíìkì tá à ń rà ní Balógun máa ń yọ̀, kò dà bí irun àgùntàn gidi tó máa ń di ara rẹ̀ mú, tó o bá kàn gbé súwẹ́tà yẹn lójijì báyìí ìlà 8 lè di 12. Tó o bá ti fi séfútí-píìnì mú un, kò ní lọ síbì kankan mọ́, o lè lọ jẹun kó o padà wá. Má sì na súwẹ́tà náà lápá ọ̀tún lápá òsì kó o lè rí ihò yẹn dáadáa o, gbogbo èèyàn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, nínà yẹn gan-an ló ń tú u.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ tó o sọ tí mo fẹ́ ká dúró lé lórí, torí òun ló máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn fà á tán kí wọ́n wá máa sọ pé píìnì kíróṣé ò ṣiṣẹ́. O ní ojú yẹn bọ́ nínú danfó, o sì tún hun ìlà 2 lé e nílé. A jẹ́ pé igi 8 tó o kà yẹn kì í ṣe irú kan náà. Tẹ́ ẹ sórí tábìlì, má fi sórí ẹsẹ̀, wò ó dáadáa. Igi 6 ìsàlẹ̀ máa gùn, wọ́n máa rọ̀ dẹ̀ẹ̀. Igi 2 tó wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ píìnì, máa kúrú, wọ́n máa le bí okùn tí wọ́n fà.

Ìdí rẹ̀ rèé. Àwọn ìlà 6 ìsàlẹ̀ yẹn, nígbà tó o ń hun wọn, ojú náà ṣì wà lórí píìnì, o hun ún pẹ̀lú àwọn tó kù, ó ti gba wúùlù tirẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tó bọ́ ló tú, wúùlù tó fi ṣe ojú wá nà gbalaja, ó di igi. Wúùlù yẹn pé, bó o bá dá a padà ó máa ṣe ojú tó tóbi bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà 2 tó o hun nílé, ojú yẹn ò sí lórí píìnì mọ́, wúùlù kàn rìn tààrà látara ojú tó wà lọ́tùn-ún lọ sára èyí tó wà lósì, bí ẹni tó fo gọ́tà. Kò sẹ́ni tó gé wúùlù fún un. Tó o bá wá fẹ́ fi okùn kúkúrú yẹn ṣe ojú, o ní láti yá wúùlù lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Gbogbo iṣẹ́ tó le nínú ọ̀rọ̀ tìẹ, ìlà 2 yẹn ni. Mẹ́fà yòókù, ìṣẹ́jú márùn-ún.

Píìnì tó o máa lò ńkọ́. O ò sọ nọ́ńbà tó o fi ń hun, ṣùgbọ́n ojú 64 fún súwẹ́tà ọmọ tuntun, mo lérò pé nọ́ńbà 10 ni, ìyẹn mílímítà 3.25, tàbí nọ́ńbà 8 tó jẹ́ mílímítà 4. Píìnì kíróṣé tó o máa lò kò gbọ́dọ̀ sanra ju píìnì ìhunṣọ lọ, kó kéré sí i díẹ̀ ló dáa. Nọ́ńbà 10, mú kíróṣé mílímítà 2.5 tàbí 3. Nọ́ńbà 8, mú 3 tàbí 3.5. Èyí tó bá sanra jù máa fẹ ojú náà, wàá rí ìlà kan gbọọrọ láàárín súwẹ́tà tó dẹ̀ ju àwọn tó kù lọ. Èyí tó bá tín-ín-rín jù náà, tó dà bíi ti àwọn tó ń fi òwú ṣe kíróṣé orí tábìlì, ẹnu rẹ̀ mú, ó máa ń la wúùlù sí méjì, ó máa gbé ìdajì, ó máa fi ìdajì sílẹ̀. Mi ò fẹ́ràn onírin kékeré yẹn fún iṣẹ́ yìí rárá, onípásítíìkì tàbí alùmíníọ̀mù ni kó o wá.

Ó yá, ibi tí ojú náà wà. Kọ ojú súwẹ́tà sí ara rẹ lápá tó dán, ibi tí àwọn ìlà ti rí bí irun tí wọ́n dì sókè, kì í ṣe ẹ̀yìn tó ní kókó kókó bí ẹ̀wà. Wàá wá máa ṣí àwọn ojú láti orí píìnì òsì bọ́ sórí píìnì ọ̀tún lọ́kọ̀ọ̀kan títí wàá fi dé orí ihò yẹn gẹ́lẹ́, kí ihò náà wà láàárín ẹnu píìnì méjèèjì. Má hun wọn o, ṣíṣí nìkan. Àwọn kan máa ń sọ pé kó o hun dé ibẹ̀, kò burú tó bá jẹ́ pé àwọn igi gígùn nìkan ló wà níbẹ̀, àmọ́ fún ìwọ tó o ní igi kúkúrú méjì, bó o bá hun dé ibẹ̀ o ti tún de àwọn ojú tó o fẹ́ yá wúùlù lọ́wọ́ wọn mọ́lẹ̀ nìyẹn. Àti pé tó o bá hun dé ibẹ̀, okùn tó ń bọ̀ látinú bọ́ọ̀lù wúùlù máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń fà á pọ̀ mọ́ igi, wọ́n á ní igi wọn jẹ́ 9.

Yọ séfútí-píìnì kúrò, ṣùgbọ́n kí píìnì kíróṣé ti wà nínú ojú náà kó o tó yọ ọ́. Láti iwájú ni wàá ti kì í wọlé lọ sẹ́yìn, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ òsì di ìsàlẹ̀ ibẹ̀ mú jẹ́jẹ́ kó má máa sún. Wò ó báyìí: igi àkọ́kọ́, èyí tó sún mọ́ ojú náà jù, gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ojú yẹn. Tó bá wá síwájú, fi ẹnu píìnì tì í padà sẹ́yìn. Há igi yẹn, kó o wá yí ọwọ́ rẹ díẹ̀ kí ẹnu píìnì kọjú sílẹ̀, torí bí ẹnu rẹ̀ bá ṣì wà lókè nígbà tó ń bọ̀, ó máa há ara ojú tó fẹ́ gbà kọjá. Fà á wá síwájú gba inú ojú náà. Ojú àtijọ́ máa bọ́ lẹ́yìn ọrùn píìnì, igi yẹn ti di ojú tuntun nìyẹn, ó ti gun ìlà kan. Ó ku 7.

Tún gbé ẹnu píìnì sókè, há igi tó kàn, yí i, fà á. Má yára. Ní gbogbo ìgbà tó o bá fa ọ̀kan, wo bóyá gbogbo okùn wúùlù náà ló bá a wá, torí akirílíìkì jẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n lọ́ pọ̀, bí okùn kan bá kù sẹ́yìn, òkè ló máa hàn bí irun tó ta jáde. Tó bá ṣẹlẹ̀, dá ojú yẹn padà sísàlẹ̀, há a lẹ́ẹ̀kan sí i, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Ọ̀nà méjì ló máa ń gbà bàjẹ́ níbí. Àkọ́kọ́ ni kó o fo igi kan. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n gbé fìlà ọmọ kan fún mi pé kí n tún ojú tó bọ́ níbẹ̀ ṣe, iná lọ, mo fi àtùpà ṣe é, mo há igi kẹta kí n tó há èkejì. Iwájú dáa, kò sẹ́ni tó mọ̀, èmi gan-an ò mọ̀. Oníbàárà gbé fìlà lọ, ọjọ́ kejì ló gbé e padà, ó ní ìka ọmọ há sínú okùn kan lẹ́yìn, ọmọ ń ké, kò rí ohun tó ń ṣe é. Igi tí mo fò ni, ó wà lẹ́yìn bí okùn aṣọ tí wọ́n ta. Ọ̀gá ò bá mi jà o, wọ́n kàn ní kí n máa ka igi kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí n sì máa ka ojú tí mo fà. Nítorí náà ìwọ ṣáà kà á sókè ketekete, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, dé 8. Tí àwọn igi bá ta kókó mọ́ra wọn tó ò mọ èwo ló ṣáájú, fi ẹnu píìnì ìhunṣọ na àwọn ojú méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀, igi kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀ tó ti jáde lápá ọ̀tún, tẹ̀lé e látibẹ̀.

Èkejì ni kí ojú kọ́ ẹsẹ̀. Ojú tó dáa, tó o bá wo ìdí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó kọ́ ẹsẹ̀ á fi ọ̀kan gun èkejì bí ọmọ tó jókòó sórí àga. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí o bá kì píìnì wọ ojú láti ẹ̀yìn, tàbí tí o bá gbé ojú náà yí po lórí píìnì kó o tó há igi. Ó rí bí ojú kan tó le, tó dúdú ju àwọn tó kù, kò sì ní lọ bó o bá fọ̀ ọ́. Dá a padà, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Ká ní o ti fa mẹ́fà, ojú rẹ wà lórí píìnì kíróṣé, ó ku igi kúkúrú 2. Dúró níbí. Fi séfútí-píìnì mú ojú náà padà, torí ọwọ́ rẹ máa fẹ́ ṣe nǹkan míì.

Mú píìnì ìhunṣọ tó tín-ín-rín, tàbí abẹ́rẹ́ ńlá tí ẹnu rẹ̀ kò mú. Tẹ̀lé igi kúkúrú tó wà nísàlẹ̀ nínú méjèèjì, wo ojú tó ti jáde lápá ọ̀tún. Ti ẹnu píìnì bọ abẹ́ ẹsẹ̀ ojú yẹn tó sún mọ́ ihò, fà á díẹ̀ kí wúùlù sún wá sínú igi. Ojú yẹn máa le, ó máa kéré. Lọ sí ojú tó tẹ̀ lé e lápá ọ̀tún, ní ìlà kan náà, fa tirẹ̀ wá fún èyí tó ti le. Lọ sí ẹkẹta, lọ sí ẹkẹrin. Bẹ́ẹ̀ náà lápá òsì, ojú mẹ́rin. Tó o bá ṣe é tán, ojú 8 ti dá owó jọ fún ojú kan, bí àjọ, kò sí èyí tó máa hàn pé ó kéré. Tó bá jẹ́ ọ̀kan nìkan lo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wàá rí ibi tó fà pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n rán tí okùn rẹ̀ le. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe ni pé wọ́n á bọ́ sí ìlà tó wà lókè tàbí nísàlẹ̀ láìmọ̀, wúùlù ò sì ní wá, torí okùn ìlà kọ̀ọ̀kan ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, kò ń lọ sókè. Ìdí tí mo fi ní kó o tẹ̀lé igi pẹ̀lú ojú rẹ nìyẹn.

Nígbà tí igi yẹn bá ti gùn tó igi àwọn yòókù tó o ti fà, há a, fà á gba inú ojú. Ìyẹn 7. Igi kẹjọ rọrùn ju bó o ṣe rò lọ, àwọn ojú ìlà yẹn ṣì wà lórí píìnì, o ò hun wọn, o kàn máa sún wúùlù látara ojú dé ojú lórí píìnì ni, bí ẹni ń pín ìlẹ̀kẹ̀. Há a, fà á, ó pé 8.

Gbé ojú náà sórí píìnì òsì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ojú náà ló gbọ́dọ̀ wà níwájú píìnì, bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó o fi í wé e. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ òsì ló wà níwájú, yọ ọ́, yí i, dá a padà. Ṣí àwọn ojú tó o ti ṣí lọ sọ́tùn-ún padà sósì, kó o wá ka gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ 64, máa hun lọ. Tó bá jẹ́ 63 síbẹ̀, ojú míì ti bọ́ níbì kan nígbà tó ò ń ṣí wọn, wò ó ní báyìí kó tó tú.

Mo mọ̀ pé o máa bi mí nípa etí ìsàlẹ̀ súwẹ́tà, ibi tó ń fà bíi rọ́bà. Bí ojú bá bọ́ níbẹ̀, ìlà tó dán ni kó o fà bí mo ṣe wí yìí, ìlà tó ní kókó ni kó o yí súwẹ́tà sẹ́yìn kó o tó fà á, torí ẹ̀yìn kókó ni ó ti dán. Tí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tó ní kókó níwájú lẹ́yìn, tó jẹ́ pé ìlà kan dán ìlà kan kókó, wàá máa yí i ní gbogbo igi kan, há ọ̀kan, yọ píìnì, yí i, há ọ̀kan. Ó máa ń sú èèyàn. Bí o bá gbàgbé ẹ̀gbẹ́ wo ló kàn, wo ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìlà kan náà, ohun tó bá ṣe ni kí tìẹ náà ṣe.

Ìgbà kan wà tí èmi náà kì í fà á o. Ká ní igi kúkúrú tìẹ tó 5 tàbí 6 dípò 2, bí o bá yá wúùlù títí, ibẹ̀ á kàn fún pọ̀ ni. Nígbà yẹn, igi gígùn nìkan ni màá fà. Màá fi okùn wúùlù kan tó gùn tó ìka ọwọ́ méjì gba inú ojú tó kù yẹn, màá rán an mọ́ ẹ̀yìn, màá dè é kó má tú mọ́, màá wá gbé igi tó wà lókè pátápátá, láàárín píìnì méjèèjì, sórí píìnì òsì, màá hun ún gba ẹ̀yìn rẹ̀ kó kọ́ ẹsẹ̀, ihò ò ní sí níbẹ̀, iye ojú á sì pé. Lára súwẹ́tà ọmọ, kò sẹ́ni tó máa rí i àfi oníṣẹ́ bíi tiwa. Iṣẹ́ tó ní ihò aláràbarà nìkan, tàbí èyí tí ojú ti ń gun ara wọn bí okùn, ni mo máa ń tú sẹ́yìn ní ìlà mélòó kan, torí níbẹ̀ igi kan kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ojú kan.

Lẹ́yìn tó o bá fà á tán, ìlà yẹn á ṣì máa rí págunpàgun, má fi ọwọ́ fà á kiri. Fi í sílẹ̀ títí wàá fi parí. Rẹ súwẹ́tà náà sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, fún un nínú táwẹ̀lì, má lọ́ ọ, tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ lábẹ́ fáànù, má sá a sórí okùn torí omi inú rẹ̀ á fà á gùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ojú tó o yá wúùlù lọ́wọ́ wọn máa ṣètò ara wọn bó ṣe ń gbẹ. Jọ̀ọ́, má gbé áyọ́ọ̀nù lé e, akirílíìkì tí iná bá gbà lára, ó máa ń rọ̀ pẹlẹbẹ ni, kì í padà. Ìlà 8 yẹn, fún un ní nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ́sàn-án tí ìmọ́lẹ̀ wà. Èyí tó o fẹ́ hun nínú danfó, kì í bọ inú ọ̀rá, kó o sì fi rọ́bà de orí píìnì méjèèjì kó o tó gun ọkọ̀.